Ẹ Má Bú Ọmọ Tó Pàdánù Pẹ́nárítì Mọ́

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la gbé wá lónìí, torí ó ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa àgbà àti àwọn ọmọ wa.

Ẹ ṣì rántí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí a ṣe ní Sábọ̀n Gàrí. Ọ̀mì ni wọ́n ta ní àṣekágbá, ó di pẹ́nárítì, ọmọ wa kan ló gbá èyí tó kẹ́yìn, kípà sì mú un. Ká tó pajú pé, èébú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ó ti gbowó. Ẹnì kan tiẹ̀ ní láti ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn o. Láti ọjọ́ náà, kò yọjú sí pápá mọ́. Àwa àti bàbá rẹ̀ jọ ń tajà ní ọjà kan náà ni, ó sì sọ fún wa pé ọmọ náà ti kó bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

A lọ bá ọmọ náà, a ní kó ṣàlàyé fún wa. Ó ní pẹ́nárítì méjì tóun ti gbá ṣáájú nínú ìdíje yẹn, ọwọ́ ọ̀tún kípà lòun gbá méjèèjì sí, wọ́n sì wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, ibẹ̀ náà ló ní lọ́kàn. Àfi bó ṣe ń sáré bọ̀ tó rí i pé kípà ti ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Ló bá yí ọkàn padà lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ọkàn rẹ̀ mu mọ́, bọ́ọ̀lù sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí àárín. Ẹsẹ̀ ni kípà fi dá a padà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ọ̀lẹ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe rí.

Ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù pẹ́nárítì sí jìnnà sí ojú ilé ní mítà 11. Ojú ilé náà fẹ̀ ní mítà 7.32. Tí àgbà agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa, kò ní gbà á tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé inú àwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, kí kípà tó rí i, kó tó pinnu, kó tó fò dé ẹ̀gbẹ́ òpó, àkókò yẹn ti lọ. Nítorí náà, kípà kò lè dúró kó rí bọ́ọ̀lù kó tó fò. Ó ní láti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí kó méfò. Òfin sì ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tàbí ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, kò lè sáré jáde wá pàdé rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń méfò? Ohun àkọ́kọ́ ni pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, tó bá fa ẹsẹ̀ náà kọjá iwájú ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kípà ni bọ́ọ̀lù máa lọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì, ọwọ́ òsì kípà ni tirẹ̀. Ohun kejì ni ẹsẹ̀ tí kò gba bọ́ọ̀lù, èyí tó máa ń fi tẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìbàdí náà ń sọ̀rọ̀: bí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún bá ṣí ìbàdí sílẹ̀, ọwọ́ òsì kípà ló ń wò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ yẹn kì í balẹ̀ àfi tó bá ku díẹ̀ pátápátá. Kípà tó bá dúró dè é lè mọ ibi tó tọ́ kó má bá bọ́ọ̀lù mọ́. Èyí tí kò bá dúró dè é, tó tètè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, agbábọ́ọ̀lù tójú rẹ̀ là á rí i, á sì gbá a sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Oníkálukú ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ṣebí ọlọ́jà la jẹ́, a mọ irú eléyìí. Tí oníbàárà bá ti mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí a bá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin la máa gbà níkẹyìn, ó parí, kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ láé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń gbá gbogbo pẹ́nárítì rẹ̀ sí ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ignacio Palacios-Huerta, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Basque, kó pẹ́nárítì tó lé ní 1,400 jọ, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003. Ohun tó rí ni pé nínú 100, bí 80 ló ń wọlé, àti pé àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù máa ń pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ débi pé èrè ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọn kì í ṣe é ní ọ̀tún-òsì-ọ̀tún-òsì bí ẹni ń ka ẹsẹ̀, torí ìyẹn náà, kípà á mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mọ́sìkò, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ti Chelsea, ẹ forí jì wá, a mọ̀ pé egbò yẹn ò tíì jinná. Chelsea àti Manchester United ló jọ wà ní àṣekágbá Chámpíọ̀nsì Líìgì, òjò ń rọ̀, ó di pẹ́nárítì. Ọ̀gbẹ́ni Palacios-Huerta yìí kan náà ti fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí Chelsea ṣáájú: ó ní Van der Sar, kípà United, fẹ́ràn láti máa fò sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ ẹni tó ń gbá a lọ́rùn. Ìyẹn ni pé kí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún gbá a sí ọwọ́ òsì kípà.

Wọ́n gbọ́ràn. Ballack, Belletti, Lampard, gbogbo wọn gbá a sí ọwọ́ òsì Van der Sar, ó wọlé. Ashley Cole, ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, ó yẹ kí tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n òun náà gbá a síbẹ̀. Van der Sar fọwọ́ kàn án, orí ló kó Cole yọ. Cech ti mú ti Ronaldo lọ́dọ̀ tiwọn, torí náà tí Terry bá ti gbá tirẹ̀ wọlé báyìí, ife di ti Chelsea. Ọwọ́ òsì náà ló gbá a sí, Van der Sar sì fò sí ọ̀tún, ó ti ṣìnà. Àmọ́ ẹsẹ̀ Terry yọ̀ nínú omi, bọ́ọ̀lù gba òpó. Kalou tún gbá tirẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó wọlé.

Ìgbà tó kan Anelka ni Van der Sar na ọwọ́, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ òsì ara rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, ‘Ṣebí ibí ni gbogbo yín ń gbá a sí?’ Ẹ wo ohun tó dé bá Anelka. Tó bá gbá a síbẹ̀, kípà ti ní òun mọ̀. Tó bá yí i padà, ó lè jẹ́ pé ohun tí kípà ń fẹ́ nìyẹn. Ó yí i padà, ó gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún, Van der Sar fò síbẹ̀, ó mú un. 6-5, ó tán. Ìmọ̀ràn ọ̀gbẹ́ni yẹn kò burú rárá. Lílò tí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mẹfà láìyí padà ló tú àṣírí rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ‘Kí ló dé tí kípà kì í dúró sí àárín?’ Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì ka pẹ́nárítì 286, wọ́n gbé e jáde ní 2007. Nínú 100, nǹkan bí 29 ló ń gba àárín. Ṣùgbọ́n kípà kì í dúró sí àárín ju nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ nínú 100. Ohun tí wọ́n rí sí i ni pé tí kípà bá fò tí kò mú un, àwọn èèyàn á ní ó gbìyànjú. Tó bá dúró tí bọ́ọ̀lù wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á ní ó ń wòran. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí i báyìí? Ìbẹ̀rù ẹnu wa ló ń gbé e fò. Ìbẹ̀rù kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbá a sí àárín, torí tí kípà bá dúró, ó di ẹni ẹ̀sín.

Ẹ sì má sọ pé ó dìgbà tí a bá dé Mọ́sìkò. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní Ivory Coast, nígbà tí Super Eagles pàdé South Africa, Mokoena gbá pẹ́nárítì wọlé lójú Nwabali ní ìṣẹ́jú 90. Nígbà tó tún di pẹ́nárítì lẹ́yìn àfikún àsìkò, òun ló kọ́kọ́ gbá a, Nwabali sì mú un. Agbábọ́ọ̀lù kan náà, kípà kan náà, alẹ́ kan náà. Kípà ti rí i lẹ́ẹ̀kan, òun náà sì mọ̀ pé ó ti rí òun. Williams tó ń ṣọ́lé fún wọn ti mú pẹ́nárítì mẹ́rin lọ́wọ́ Cape Verde ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú, gbogbo wa ń gbọ̀n, àmọ́ kò mú ẹyọ kan lọ́wọ́ wa. Ola Aina tiwa kan gbá a fò lókè ni. Torí pé a borí, 4-2, kò sẹ́ni tó bú Aina. Ká ní a pàdánù ńkọ́?

Èrò tiwa nìyí o. Kí ẹni tó fẹ́ gbá pẹ́nárítì pinnu ibi tó ń gbá a sí kó tó fẹsẹ̀ sáré, kó má sì yí i padà lójú ọ̀nà, àfi tó bá ti fi dídúró wo kípà kọ́ra dáadáa. Kí àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa má jẹ́ kí wọ́n máa gbá a sí ibì kan ṣáá. Kí kípà mú sùúrù títí ẹsẹ̀ yẹn á fi fẹ́ balẹ̀. Kí àwa tó wà létí pápá sì pa ẹnu wa mọ́. Nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó rẹpẹtẹ, bí ogún nínú 100 ni kì í wọlé, ẹ wá ń bú ọmọ ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àwa mẹ́ta máa lọ sílé ọmọ náà. A ti bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti dá bàtà padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ó gbowó, ẹ mọ ara yín, a ò ní dárúkọ. Ẹ bá wa lọ, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín bẹ̀ ẹ́.