Ọ̀rá Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ṣé Kí A Yọ Ọ́?



Ìyàwó kan kọ̀wé sí wa láti Surùlérè. Ọmọ ọdún 24 ni, ìkókó rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù 4. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń rọ òun pé kí òun lọ yọ ọ̀rá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, kí ojú òun lè rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn òṣèré.

Arábìnrin wa, ọ̀rá náà kì í ṣe ọ̀rá ìsanra lásán. Ìdì kan ni ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ti òsì, láàárín ẹran tí a fi ń jẹun àti èyí tí ọmọ ọwọ́ fi ń fa ọmú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù bí ènìyàn bá rù, ìdí nìyí tí àwọn kan fi tẹ́ẹ́rẹ́ lára tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì kún. Kódà ó wúlò fún àwọn oníṣẹ́ abẹ: láti ọdún 1977 ni a ti mọ̀ pé wọ́n lè fà á wá dí ihò tí eyín yíyọ dá sí òkè ẹnu.

Láti yọ ọ́, oníṣẹ́ abẹ yóò gún abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára, yóò la inú ẹnu díẹ̀ ní ọ̀kánkán àwọn eyín ńlá òkè, yóò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, ọ̀rá yóò sì yọ jáde. Yóò gé díẹ̀, yóò rán ojú rẹ̀. Àpá kò ní hàn lójú. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tín-ín-rín tí ń gbé àṣẹ lọ sí ètè, àti ọ̀nà tí itọ́ ń gbà wọ ẹnu, wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Bí ọ̀bẹ bá kàn wọ́n, ètè lè wọ́, tàbí kí itọ́ gbá jọ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wú.

Èyí tí ó wà níwájú ni ó ká mi lára jù. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, ọ̀rá abẹ́ awọ ojú a máa dín kù, egungun ojú a máa fà sẹ́yìn, awọ a sì dẹ̀. Ìdì ọ̀rá yìí wà lára ohun tí ń di kòtò abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó yọ ọ́ ní ọdún 24 lè rí i ní ọdún 50 pé ojú òun jìn bíi ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. A kò lè dá a padà. Ọ̀rá ikùn tàbí itan ni wọ́n lè fà sí abẹ́rẹ́ láti fi dí i, ara a sì tún gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń bá a báyìí. Àwọn tí ojú wọn tẹ́ẹ́rẹ́ nípa ẹ̀dá ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù.

Nítorí náà, kọ́kọ́ fi ìka sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n rẹ, nísàlẹ̀ etí, kí o sì di eyín pọ̀. Bí ohun líle bá wú sábẹ́ ìka rẹ, ẹran ìjẹun ni ó lè mú ojú rẹ gbòòrò, yíyọ ọ̀rá kò sì ní yí i padà. Wo àwòrán ìyá rẹ pẹ̀lú: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ti jìn, ó ṣeé ṣe kí tìrẹ náà jìn láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kàn án. Ara rẹ kò sì tíì kúrò nínú oyún tán. Dúró títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú kí o tó wo dígí.

Bí ọkàn rẹ kò bá simi síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Bi wọ́n léèrè bí ọ̀rá tí wọn yóò fi sílẹ̀ ti pọ̀ tó, kì í ṣe èyí tí wọn yóò yọ nìkan.