Ẹ Wọn Apá Rẹ̀ Ná

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa ní Múṣin, Súrúlérè àti Yábà, ẹ̀yin ni mo wá bá wí lónìí. Ohun tí ẹ ń fojú ẹni tó sanra rí kò dáa.

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tó bá sì gun àtẹ̀gùn, ṣe ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ọ̀sì wé ọ̀já ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ọ̀já tú. Ó tún un wé, ó fọwọ́ dì í mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti sanra jù." Ó ka 154 lórí 94. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kó lọ dín ẹ̀bà kù. Kò béèrè nǹkan oṣù rẹ̀, kò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ wò bóyá ó ti funfun.

Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Ọ̀já tó wà lórí tábìlì yín, apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 27 sí 34 sẹ̀ǹtímítà ló wà fún. Láti 35 sí 44, ọ̀já ńlá ni. Tó bá ju 44 lọ, èyí tó tún tóbi ju ìyẹn lọ ni. Bí ọ̀já bá kéré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ le ju bó ṣe yẹ kó tó lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, iye tí ẹ ó kà yóò sì ga ju òótọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2023 pé bí wọ́n bá wé ọ̀já lásán mọ́ ẹni tí ọ̀já tó tóbi jù lọ tọ́ sí, iye òkè máa ń fi nǹkan bí 20 lé. Ẹ fi 20 sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di ẹni tó ń lo oògùn!

Apá àbúrò mi jẹ́ 46. Níbòmíràn tí a gbé e lọ, ọ̀já tó tọ́ ka 133 lórí 85. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: PCV rẹ̀ jẹ́ 22 nínú 100, nígbà tó yẹ kí ti obìnrin tó 36. Ìju ló ń da ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lóṣooṣù, òun ló ń gba èémí lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn tí ẹ kọ ò ṣe ju pé òòyì ń kọ́ ọ tó bá dìde lórí àpótí lọ.

Sísanra lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru lóòótọ́, n kò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, ara ńlá ò sì ní kí àrùn mìíràn má wọlé.

Ẹ ra téèpù aránṣọ. Ẹ wọn àyíká apá ní agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá, kí ẹ kọ ọ́ sínú káàdì pẹ̀lú irú ọ̀já tí ẹ lò, kí ẹni tó bá gba káàdì náà lẹ́yìn yín mọ ohun tó ń kà. Ẹ̀yin olówó ilé ìwòsàn tó ra jẹnẹrétọ̀, ẹ ra ọ̀já ńlá. Títí ẹ ó fi rà á, ẹ má tìtorí ọ̀já tó ń tú kọ oògùn ayérayé fún ọmọ ọlọ́mọ.