Ẹ̀rọ Tó Ń Dá Aláìṣẹ̀ Lẹ́bi

Ní 2016, àwọn akọ̀ròyìn ProPublica yẹ COMPAS wò, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ẹjọ́ Flọ́rídà fi ń díwọ̀n bóyá afurasí yóò tún dá ọ̀ràn. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú tí kò tún dá ọ̀ràn, nǹkan bí 45 ló pè ní eléwu. Láàárín aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 23 ni. Àwọn tó ṣe COMPAS fèsì pé ìkìlọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ bákan náà fún ẹ̀yà méjèèjì.

Òṣùwọ̀n méjèèjì, ti àṣìṣe lórí aláìṣẹ̀ àti ti ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ, kò lè dọ́gba pọ̀ fún ẹ̀yà méjèèjì nígbà tí àkọsílẹ̀ ìmúni ẹ̀yà kan bá ju ti èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ jù ni ìmúni ti ń pọ̀. Kí ilé ẹjọ́ kéde òṣùwọ̀n tó yàn. Tiwa ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dáàbò bo aláìṣẹ̀.