Ẹ Yé Kọ́ Àwọn Ìyá Wa ní Irọ́ Tí Wọ́n Máa Lọ Pa ní Hítírò

Àṣà kan ti wọ àárín àwa ọmọ Ìkálẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá a wí. Ìyá fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Físà ti jáde, wọ́n ti sanwó ọkọ̀ òfurufú. Kàkà kí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí fóònù kó ṣàlàyé ìrìnàjò náà fún un, ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Òkìtìpupa ló máa gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Á ní kí Màmá há ìdáhùn sórí bí ọmọ iléèwé: "Ẹ sọ pé ẹ wá ṣeré ni o. Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ wíwẹ̀ rárá. Iṣẹ́ nìyẹn lójú àwọn òyìnbó, wọ́n á dá yín padà."

Mo ní irọ́ ni. Irọ́ tí wọ́n ń fowó rà sì ni, èyí tó lè ba ìrìnàjò tí kò ní àbùkù kankan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin fúnra rẹ̀. Òfin ìmígíréṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1971 fún òṣìṣẹ́ ẹnubodè lágbára láti da ìbéèrè bo ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bó tiẹ̀ ní físà lọ́wọ́. Físà kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó dà bí ìwé ìpè síbi ìnáwó, onílé ṣì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó bi ẹ́ pé ọ̀dọ̀ ta lo wá. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún òṣìṣẹ́ náà ti dẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ ọmọ wíwẹ̀ ńkọ́? Ìlànà tí ìjọba ibẹ̀ fi lé àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gan-an: mọ̀lẹ́bí lè wá bá wọn tọ́jú ọmọ, tó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé wọ́n gbà á síṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ. Ìyá ìyàwó tó wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tó ń se ọbẹ̀ gbígbóná fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún, kò rú òfin kankan. Ohun tí òfin gbà láàyè ni ẹ́jẹ́ǹtì ní kí Màmá fi pamọ́.

Ẹ wá fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń dàrú. Ká sọ pé ìyá kan láti Ìlútitun, ẹni ọdún 62, tó ń ta epo pupa, dé Hítírò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní òun wá ṣeré, òun fẹ́ wo ìlú. Òṣìṣẹ́ ní ibo ló fẹ́ wò? Màmá dákẹ́, torí pé ibi tí ẹ́jẹ́ǹtì kọ́ ọ dé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ náà yíjú sí kọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi béèrè físà wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì bá a kọ ọ́ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn pé ìbẹ̀wò ìdílé ni. Wọ́n ṣí àpótí rẹ̀: ọṣẹ dúdú, aṣọ ọmọ jòjòló, òrí. Wọ́n pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó ń dúró níta, wọ́n bi òun náà pé kí ni ìyá rẹ̀ wá ṣe. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì wí fún sọ òótọ́: "Ó wá bá mi wẹ ọmọ ni."

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ wíwẹ̀ kọ́ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Bí Màmá bá ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, fọ́ọ̀mù, àpótí àti ẹnu ọmọ rẹ̀ ì bá jọ ṣe déédéé. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ọ̀kan yàtọ̀ sí mẹ́ta tó kù, ẹnu Màmá gan-an sì ni èyí tó yàtọ̀ ti jáde. Òṣìṣẹ́ ò ní bi í léèrè ọmọ wíwẹ̀ mọ́. Ohun tó máa máa rò ni pé: kí ló tún kù tí ìyá yìí ń fi pa mọ́?

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ẹ́jẹ́ǹtì á ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà." Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ òwe náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọjà tí irọ́ ti ń tà yẹn. Ẹni tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá rí i pé ó lo ẹ̀tàn nígbà tó ń béèrè físà, wọ́n lè máa kọ ìbéèrè rẹ̀ fún ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá purọ́ lórí kókó ọ̀rọ̀ kó lè rí físà tàbí kó lè wọlé, òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé, àyàfi tí ìjọba bá dìídì yọ̀ǹda. Ìyá ẹni ọdún 62 tí wọ́n bá lé fún ọdún 10, mélòó nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa wẹ̀ mọ́?

Mi ò sọ pé olótìítọ́ kì í jìyà o. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ilẹ̀ Sáúsì Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà látorí ọ̀rọ̀ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Nàìjíríà náà dá ọmọ tiwọn padà, lẹ́yìn náà ni ìjọba ibẹ̀ tọrọ àforíjì. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè ṣàṣìṣe, ó sì lè rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rẹ́ olótìítọ́ jẹ, ó ní ohun tó lè fi jà. Ó lè ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún òun, kó sì fi ìwé tirẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Kí ni òpùrọ́ fẹ́ fi jà?

Ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n ń bèèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí àlejò bá wọ Òde-Ìrèlè tàbí Òde-Ayé lálẹ́, kí ni baálé máa bi í? Kí lo wá ṣe? Ọ̀dọ̀ ta lo wá? Ìgbà wo lo máa padà? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ṣé àlejò ni ẹ́ lóòótọ́? Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìdáhùn. Níbí gan-an ni olótìítọ́ ti nílò ìmúrasílẹ̀, torí ọ̀nà tí àwa ń gbà sọ òótọ́ nílé lè dún bí irọ́ létí wọn.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì. Ní Òkìtìpupa, tí o bá ti dárúkọ bàbá onílé, ọlọ́kadà á gbé ẹ débẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀. "Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ" kì í ṣe àdírẹ́sì. Kí Màmá ní nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, póòsìkóòdù àti nọ́ńbà fóònù ọmọ náà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ lè kú. Kò pọn dandan kó há a sórí. Kó fi ìwé hàn ti tó.

"Ọmọ mi" pàápàá lè di wàhálà. Àwa ń pe ọmọ àbúrò wa ní ọmọ wa, a sì ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n. Nílé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá sọ pé ọmọ àbúrò ni, tí ẹnu sọ pé ọmọ, òṣìṣẹ́ á gbà pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni irọ́. Kí Màmá sọ ọ́ bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù: "Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni."

Ìbéèrè ìpadà ló máa ń le jù fún àwọn ìyá wa. "Ìgbà wo lẹ máa padà?" "Nígbà tí Ọlọ́run bá fẹ́." Àdúrà ni lẹ́nu Màmá, kó má báa dà bí ẹni tó ń pàṣẹ fún ọ̀la. Létí òṣìṣẹ́, ohun tó sọ ni pé òun ò tíì mọ̀ bóyá òun á padà. Kó dárúkọ ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó tó fi àdúrà tẹ̀ lé e. Oṣù 6 ni àlejò sábà ń ní láti lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí Màmá bá kọ oṣù 2 sínú fọ́ọ̀mù, kó má sọ pé 6. Bí ètò bá sì ti yí padà lẹ́yìn tí físà jáde, kó sọ pé ó yí padà, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà fúnra rẹ̀ kò tó ẹ̀rí bí ohun tó ń fà á padà sílé. Ìsọ̀ epo rẹ̀, oko gbágùúdá, ọkọ rẹ̀ tó wà nílé: àwọn yẹn ni kó sọ tí wọ́n bá bèèrè. Ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ́jẹ́ǹtì ń tà ńkọ́? Bí wọ́n bá yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, tí wọn ò rí ìjókòó kankan, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ìfarabalẹ̀ sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n lè bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn á yí padà ni. Kó dáhùn èyí tí wọ́n bi í, kó dánu dúró. "Mi ò mọ̀" jẹ́ òótọ́ tí kò bá mọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dààmú rẹ̀, kó ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá. Ògbufọ̀ yẹn lè má gbọ́ Ìkálẹ̀, torí náà bí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé e, kó ní kó tún un sọ, dípò kó kàn mirí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò ní dùn létí. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa sanwó fún Màmá, tàbí kí ó dúró ti ọmọ fún ọdún kan gbáko kí ẹ̀yin lè máa lọ síbi iṣẹ́, òótọ́ ò ní gbà á sílẹ̀ ní Hítírò. Ṣùgbọ́n ìrìnàjò yẹn ló lárùn nígbà náà, ìdáhùn kọ́. Ẹ tún ètò yín ṣe nílé, ẹ má gbé àrùn rẹ̀ lé ìyá yín lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ kà á fún Màmá lórí fóònù, kó tó kúrò nílé. Ẹ́jẹ́ǹtì tó gbowó yín kò ní sí níwájú kàńtà yẹn. Ìyá yín nìkan ló máa dúró níbẹ̀.