Ọ̀rọ̀ Kan tí ó Lè Gbé Ilẹ̀ Ẹbí Lọ

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìwé ilẹ̀ tí a ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn ẹbí wa ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní agbègbè Máìlì 12. Nígbà tí akọ̀wé bá dé ibi tí a ti dárúkọ olórí ẹbí, tí kò sì rí orúkọ tí ó bá a mu nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó rọrùn fún un láti pè é ní tirọsitíì kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé wọ inú ìwé kì í ṣe ohun tí ẹbí ní lọ́kàn.

Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, a lè pín níní ohun kan sí ọ̀nà méjì. Ẹnì kan ni orúkọ ohun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni tirọsitíì; ẹlòmíràn ni àǹfààní rẹ̀ wà fún. Bí tirọsitíì bá tà á láìtọ́, tí olùrà sì san owó rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn mímọ́, tí kò mọ̀, tí kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó mọ̀ pé nǹkan oníǹkan ni, ohun náà di ti olùrà. Tirọsitíì nìkan ni ó kù fún àwọn olóhun láti pè lẹ́jọ́.

Ti olórí ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fi ìgbà kan ní ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀, ìbáà ṣe ní orúkọ lásán. Gbogbo ẹbí ni ó ni ín. Òun ń ṣojú wọn, ó ń pín in fún wọn, ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Bí wọn yóò bá tà á, òun àti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ohùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní olórí ẹbí kan ní Ìkòsí ta púlọ́ọ̀tì méjì. Bí ó bá tà á ní orúkọ ẹbí láìfi lọ àwọn àgbà ìdí-igi, títà náà yóò dúró títí ẹbí yóò fi lọ bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó fagi lé e. Bí wọ́n bá sì jókòó wò ó fún ọdún púpọ̀, ilé-ẹjọ́ lè má dá wọn lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á bí ohun tirẹ̀, kò tà nǹkan kan, nítorí a kì í fúnni ní ohun tí a kò ní. Ọkàn mímọ́ olùrà kò ní gbà á. Olùrà tí ó ka tirọsitíì nínú ìwé rẹ̀ yóò rò pé ààbò òfin Gẹ̀ẹ́sì wà lórí òun. Ìgbà tí ó bá ti kọ́lé tán ni yóò tó mọ̀ pé kò sí.

Ọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, àwọn ilé-ẹjọ́ ibí sọ pé ẹ̀tọ́ olórí tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ní, àti pé owó èyí nìkan ni ó tọ́ sí i. Ní ọdún 1921 ni Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù yí ìdájọ́ yìí padà: àwọn ará ìdílé ni ó ni ilẹ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé, kí Olúwa gbà á fún wọn. Adájọ́ Haldane kìlọ̀ níbẹ̀ pé kí a ṣọ́ra fún fífi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì wọn àṣà tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ti sọ pé olóyè dà bí tirọsitíì dé ìwọ̀n kan. Àwọn akọ̀wé mú tirọsitíì, wọ́n sì gbàgbé “dé ìwọ̀n kan.”

Àwọn Faransé bá irú ìṣòro yìí pàdé láti ìhà kejì. Òfin wọn kò pín níní sí méjì bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1987 kọ́ o, ọdún 2007 ni wọ́n tó fi ohun kan tí ó fara jọ ọ́ sínú òfin wọn. Síbẹ̀ nítorí pé ìyàtọ̀ wà, ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ṣì ń fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà, wọn a sì ṣàlàyé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a rọ̀ yín pé kí ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí “olórí ẹbí” dúró nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Yorùbá, kí gbólóhùn kan sì tẹ̀ lé e tí ó sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ń ṣojú, àti àwọn tí ohùn wọn gbọ́dọ̀ pé kí a tó tà á, kí àwọn àgbà ìdí-igi sì fọwọ́ síwèé náà. Ó tún ṣe pàtàkì nítorí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 lo ọ̀rọ̀ tirọ́ọ̀sì fún Gómìnà, tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Bí ìwé kan náà bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe Gómìnà àti olórí ẹbí, adájọ́ ni yóò máa wá ìyàtọ̀ wọn, ẹbí ni yóò sì san owó ẹjọ́.