Aago Méjì Nínú Ìgò Kan: Ínsúlíìnì Lọ́wọ́ Arìnrìnàjò Mẹ́kà

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì sọ pé òun ń gba ínsúlíìnì, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì tó kù ni irú ínsúlíìnì tó ń gbà, nítorí èyí ló ń sọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìgbà tí yóò tán lára. Nílé, ìyàtọ̀ wọn lè má tètè hàn, torí àkókò oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ní Mẹ́kà, kì í pẹ́ hàn. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè sọ oúnjẹ ọ̀sán di oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ la fi ń rin ọ̀pọ̀ ibi, oòrùn ibẹ̀ sì le: ní Háàjì ọdún 2024, ooru Mọ́sáláṣí Ńlá dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ara rẹ̀ pé, oríṣi iṣẹ́ méjì ni ínsúlíìnì ń ṣe fún un. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ẹni náà ń sùn, kí ẹ̀dọ̀ má baà da súgà sínú ẹ̀jẹ̀ jù. Bí oúnjẹ bá sì ti wọlé, ó máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti gba oúnjẹ náà. Gbogbo ìgò ínsúlíìnì tó wà ní ọjà, iṣẹ́ méjì yìí ni wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe, yálà ọ̀kan nínú wọn tàbí méjèèjì pọ̀.

Èyí tó yára, irú Nofo-Rápíìdì, wà fún oúnjẹ. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ á le jù ní wákàtí kan sí mẹ́ta, á sì ti tán ní wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá ń lò ó kì í gún un ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó jẹun. Bí kò bá sí oúnjẹ, kò sí abẹ́rẹ́.

Èyí tó ń pẹ́, irú Lántọ́ọ̀sì, òun ló ń ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀. Omi rẹ̀ kan díẹ̀ nínú ìgò. Bó bá ti dé abẹ́ awọ, níbi tí ara kò ti kan, á dì di ẹ̀rún tíntìntín tí ojú ò lè rí, ẹ̀rún yìí á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́rin kó tó múra sí iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ gẹẹrẹ títí di nǹkan bíi wákàtí 24, láìsí ìgbà kan tó le ju ìgbà kan lọ ní pàtàkì. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gún un. Nítorí pé kì í ṣe oúnjẹ ló ń dúró dè, ẹni tí kò tíì jẹun náà ní láti gún un.

Ẹ̀kẹta ni àdàlú, irú Mísítáàdì 30, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Nínú yúnìtì 100 rẹ̀, 30 jẹ́ ínsúlíìnì lásán, 70 sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi purotéènì kan láti ara ẹja mú lọ́ra. Ilé iṣẹ́ Hagedorn ní Dẹ́ńmáàkì ló ṣe èyí tó lọ́ra yìí ní ọdún 1946. (Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ kí wọ́n fọkàn balẹ̀: látinú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ń yọ ínsúlíìnì láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, inú bakitéríà tàbí ìwúkàrà ni wọ́n ti ń pèsè èyí tí à ń lò yìí.) Ínsúlíìnì lásán inú àdàlú náà máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀, á sì lò tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Apá tó lọ́ra yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, agbára rẹ̀ á le jù láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá, á sì máa rọlẹ̀ láti wákàtí 12 sí 18. Aago méjì ló wà nínú ìgò kan, ẹ kò sì lè dá ọ̀kan dúró kí èkejì máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Àlájà kan láti Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí dókítà ní kí wọ́n máa gún yúnìtì 24 láàárọ̀ àti 12 lálẹ́. Ẹ ká a sí àpẹẹrẹ ìṣirò, kì í ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gún 24 náà ní aago méje àárọ̀ ní Mínà, nǹkan bíi yúnìtì 7 jẹ́ ínsúlíìnì lásán, tí yóò bójú tó oúnjẹ àárọ̀. Nǹkan bíi 17 tó kù yóò le jù láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni pé láti aago méje àárọ̀ ni Àlájà ti ṣèlérí oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn. Bí oúnjẹ yẹn kò bá dé, ínsúlíìnì kò ní dúró dè é. Bó bá tún jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń rin àárín Sọ́fà àti Máríwà, ìrìn méje tó lé ní kìlómítà mẹ́ta lápapọ̀, iṣan tó ń ṣiṣẹ́ á tún máa fa súgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ooru náà sì ń mú kí abẹ́rẹ́ tètè wọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ itan tó ń rìn ni wọ́n gún un sí. Ikùn ló dára láti gún ní ọjọ́ ìrìn.

Alẹ́ Àráfà ló le jù fún ẹni tó ń lo àdàlú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo èrò á gbéra lọ sí Mùsúdálífà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí Màgàríbì àti Ìṣáì pọ̀. Ká ní Àlájà gún yúnìtì 12 wọn ní aago méje alẹ́ nítorí pé aago méje ni wọ́n máa ń gún un nílé, tí ọkọ̀ sì dúró sójú kan títí di aago mọ́kànlá. Ínsúlíìnì lásán inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìgbà agbára rẹ̀ lórí ikùn òfìfo, apá tó lọ́ra sì ń múra láti le jù láti aago mọ́kànlá sí aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí wọ́n bá sùn sórí ẹní níta gbangba tí ẹnikẹ́ni kò wojú wọn.

Ohun tó yẹ níbẹ̀ rọrùn láti sọ: ẹni tó ń lo Mísítáàdì kò gbọdọ̀ gún un títí oúnjẹ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ṣèlérí. Aago mọ́kànlá ni oúnjẹ dé? Aago mọ́kànlá ni kó gún un, ní òṣùwọ̀n tí dókítà ti là sílẹ̀ fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ ìrìn líle, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Ṣùgbọ́n kó má sọ pé òun yóò fo abẹ́rẹ́ náà pátápátá. Ínsúlíìnì ìpìlẹ̀ wà nínú àdàlú yẹn. Ẹni tó bá fò ó, súgà rẹ̀ á ti fò sókè kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ á sì máa gba omi lára rẹ̀ nínú ooru tó ti ń fa omi lára gbogbo èèyàn.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ kan náà, tó ń gún Lántọ́ọ̀sì lálẹ́ àti Nofo-Rápíìdì ní ìgbà oúnjẹ. Fún un, ọkọ̀ tó dúró túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ oúnjẹ sún síwájú, ó tán. Ti ìpìlẹ̀ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mẹ́kà fi wákàtí méjì ṣáájú Nàìjíríà, nítorí náà Lántọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Ìbàdàn di ti aago mọ́kànlá alẹ́ níbẹ̀, ó sì lè máa gún un bẹ́ẹ̀ láìyí nǹkan kan padà. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin lójúmọ́ ni owó tó ń san fún òmìnira yìí, pẹ̀lú owó gan-an, torí ó wọ́n ju Mísítáàdì lọ. Lójú tèmi, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ láti yí sí i ní oṣù méjì-mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù.

Ṣùgbọ́n ètò yìí náà ní ewu tirẹ̀. Lántọ́ọ̀sì àti Nofo-Rápíìdì, méjèèjì mọ́ gaara bí omi. Ẹni tó ti rẹ̀, tó mú ti oúnjẹ gún ní yúnìtì 20 nígbà tó fẹ́ sùn, ti gún ara rẹ̀ ní ohun tí yóò le jù láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta. Ẹ lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ọ̀kan, ẹ sì kó wọn sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mísítáàdì ní tirẹ̀ máa ń rí bí omi wàrà. Bó bá ti dúró, apá tó lọ́ra á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí tí yóò fi dọ́gba lè fa èyí tó mọ́ púpọ̀ lónìí, kó sì fa èyí tó nípọn lọ́la, kó wá máa yà á lẹ́nu pé súgà òun ń gòkè ń sọ̀. Bí ẹ bá yí i tí ẹ sì ṣì rí kóló-kòlò nínú rẹ̀ tàbí funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ooru tàbí yìnyín ti bà á jẹ́. Nínú bàálù, àpò ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe nínú ẹrù abẹ́ bàálù.

Àmì pé súgà ti lọlẹ̀ ni òógùn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń já, ebi òjijì, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Wàhálà Mẹ́kà ni pé gbogbo èèyàn ló ń làágùn níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn súgà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ojú rẹ̀ bá fi ohun tó dín ní 70 hàn níbi tó kọ mg/dL, tàbí tó dín ní 3.9 níbi tó kọ mmol/L, ẹ dúró, ẹ jókòó, kí ẹ mu mínírà tó ní súgà, nǹkan bí ìdajì agolo. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Omi Sámúsámù kò ní súgà nínú. Dàbínù ní in, ṣùgbọ́n kì í yára tó mínírà. Ẹ jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e.

Àwọn tó ń lọ fún Úmúrà nínú Rámádàánì, tí dókítà sì gbà kí wọ́n gbààwẹ̀, yóò rí i pé àdàlú náà dojú kọ ibòmíràn: òṣùwọ̀n àárọ̀ tó pọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ sí ìgbà ìṣínu, kí wọ́n sì dín èyí tó jẹ́ ti alẹ́ kù kí wọ́n tó gún un ní sààrì, nígbà mìíràn títí dé ìdajì, torí apá tó lọ́ra inú rẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́ lórí ikùn òfìfo lọ́sàn-án. Bí súgà bá bọ́ sísàlẹ̀ 70, ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn.

Bí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò ara ṣáájú Háàjì, ẹ má sọ orúkọ abẹ́rẹ́ yín lẹ́nu lásán. Ẹ gbé ìgò náà dání, kí ẹ sì ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: èló ni ẹ ó gún ní ọjọ́ Àráfà, èló ni ẹ ó gún bí oúnjẹ bá pẹ́, àti ta ni ẹ ó pè bí ojú ẹ̀rọ bá kọ 300.