Ẹ̀bẹ̀ Kò Yẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iye Owó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí a ó bá jiyàn jù wá lọ lọ́jọ́ orí.

Àwọn bàbá wa kan ń sọ pé bí ọmọdé tí ń bá ilé-iṣẹ́ ta ọjà bá fẹ́ kọ ímeèlì sí àgbà oníbàárà, kí ó máa bẹ̀bẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tí a kọ́ ń ṣe. Àwa kò gbà. Àwa náà ń tà, àwa náà ń rà, àwa ni àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbé ìwé wọn wá bá kí a bá wọn kà á.

Ẹ wo ọmọbìnrin wa kan tí ń ta ọṣẹ. Màmá tí ó kọ̀wé sí ti ń ra ọjà fún ilé-ìtajà ńlá kan kí a tó bí ọmọ náà. Páálí kan ti kúrò ní ₦18,400, ó ti di ₦19,600. Ọmọ wa kọ̀wé pé kí Màmá má bínú, òun mọ̀ pé owó náà pọ̀, kí wọ́n ṣàánú òun bí ọmọ wọn. Èsì Màmá kò ju ìlà kan lọ: ₦19,000, páálí 120. Ọ̀gá ọmọ náà gbà nítorí pé oṣù ti ń parí. ₦600 lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ₦72,000 lọ lórí gbogbo rẹ̀, kọ́míṣọ̀n ọmọ náà sì dín. Ṣé Màmá ṣìkà ni? Rárá o. Ẹni tí ó ti ń ra ọjà tipẹ́ máa ń gbọ́ ohùn ẹni tí iye rẹ̀ kò tíì dúró. Nígbà tí ẹni tí ń tà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó pọ̀, kí ni ẹni tí ń rà yóò ṣe bí kò ṣe kí ó gé e?

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nínú èdè wa, “ẹ” àti “yín” ni ó ń gbé ọ̀wọ̀ fún wa, a kò sì ní láti wá a kiri. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò fún ọmọ ọwọ́ àti fún arúgbó. Ọkàn ọmọ wa kò wá balẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí, ó sì lọ kúnlẹ̀ sórí iye owó.

Ibòmíràn wà tí ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ sí. Ìwé tí a jọ kọ sí oníbàárà kejì, bàbá kan tí òun náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, lọ báyìí. Ní ibi tí a ń pè ní Subject, a kọ orúkọ ọṣẹ, iye páálí àti iye owó, kí Bàbá lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ lórí fóònù kí ó tó ṣí i. Ìkíni jẹ́ gbólóhùn kan, pẹ̀lú oyè rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ ọ́. (Bìní ni a wà, oyè tí Ọba fi jẹ ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń méfò. Ẹ bi akọ̀wé rẹ̀ léèrè.) Lẹ́yìn náà: ₦19,600 ni páálí kan, kò sì ní yí padà títí di ọjọ́ 30. Páálí 140 wà ní ilé ìkẹ́rù wa, ọmọ náà sì ti fi ojú ara rẹ̀ kà wọ́n. Páálí 6 tí Bàbá sọ pé òjò pa nígbà tó kọjá, a ó fi 6 mìíràn rọ́pò wọn lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì fi tapólì bo ọkọ̀. Bí Bàbá bá fẹ́ ju 200 lọ, ọ̀gá ni ó ní àṣẹ láti dín owó, èsì yóò sì dé kí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó parí.

Kò sí “ẹ ṣàánú mi” níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rántí páálí mẹ́fà tí àgbà ráhùn lé lórí ti bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá lọ. Bàbá béèrè ohun kan péré: ṣé òun lè san owó lẹ́yìn ọjọ́ 14? Ó ra páálí 80 ní ₦19,600.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn kan nínú yín ń pe àgbà ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní ohun tí ń tà ní ṣọ́ọ̀bù òun fúnra rẹ̀. Bí èsì bá pẹ́ ní ọjọ́ kan, wọn a fi orúkọ ọ̀gá oníbàárà sí Cc. Ẹjọ́ àgbà ni ẹ ń rò fún ẹni tí ó jù ú lọ yẹn, kò sì ní gbàgbé. Ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ méjì, kí ẹ fèsì sórí ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ má bi í bóyá ó ti rí i. Ẹ kọ ọ́ pé iye yìí yóò parí lọ́jọ́ 30, kí ẹ sì béèrè bóyá kí ẹ bá a fi páálí 80 pamọ́.

Èyíkéyìí nínú àwọn bàbá wa tí kò bá gbà, kí ó mú ìwé kan ṣoṣo wá sí ìpàdé, èyí tí ọmọdé fi ẹ̀bẹ̀ kọ tí ó sì tà ní iye tí ó kọ sínú rẹ̀. A ó kà á sókè.